Òrùka Aago Òmùwẹ̀: Bó Ṣe Ń Ka Ìṣẹ́jú, àti Ìdí Tó Fi Ń Yí Síbì Kan Ṣoṣo

Aago ọwọ́ tí àwọn òmùwẹ̀ ń wọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun ní òrùka kan tó yí gíláàsì ojú rẹ̀ ká. Bẹ́sẹ́ẹ̀lì ni àwọn aláago ń pè é. Nọ́ńbà wà lára òrùka náà, láti 10 dé 50, àmì onígun mẹ́ta tó ń tàn nínú òkùnkùn sì wà níbi tí òdo yẹ kó wà. Òrùka yìí kò so mọ́ ẹ̀rọ inú aago rárá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Síbẹ̀ òun ló ń sọ iye ìṣẹ́jú tí òmùwẹ̀ ti lò lábẹ́ omi.

Kó tó rì, òmùwẹ̀ á yí òrùka náà títí àmì onígun mẹ́ta yóò fi kọjú sí ṣóńṣó ọwọ́ ìṣẹ́jú. Ó parí. Láti ìgbà náà lọ, ọwọ́ ìṣẹ́jú á máa rìn kúrò lọ́dọ̀ àmì náà, nọ́ńbà yòówù tó bá sì dé lára òrùka ni iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá.

Ká ní ó wọ omi ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 40. Ọwọ́ ìṣẹ́jú wà lórí 8, ó sì yí àmì wá síbẹ̀. Tó bá wo aago ní 10:52, ọwọ́ ìṣẹ́jú á ti kọjá 10 díẹ̀ lára òrùka: ìṣẹ́jú 12 ti lọ. Ní agogo mọ́kànlá géérégé, ọwọ́ náà á wà lórí 20. Kò sídìí fún un láti rántí ìgbà tó wọlé tàbí láti yọ 40 kúrò nínú ohunkóhun. Lábẹ́ omi tó jìn, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí máa ń mú kí orí wúwo bíi ti ẹni tó mutí, ìyọkúrò tí ọmọ iléèwé lè ṣe sì lè dojú rú mọ́ àgbàlagbà lọ́wọ́. Ọwọ́ wákàtí kò ní ipa kankan nínú ìkà yìí. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ìṣẹ́jú aago òmùwẹ̀ fi máa ń tóbi ju ti wákàtí lọ, kí ojú má bàa ṣì í mú.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé mítà 30 ni òmùwẹ̀ wa lọ. Tábìlì àkókò ti PADI, àjọ tó ń kọ́ni ní ìmùwẹ̀, tí ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ fi kọ́ṣẹ́, fún un ní ìṣẹ́jú 20 níbẹ̀, láti ìgbà tó fi ojú omi sílẹ̀ títí di ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, náítírójìn tó ti wọ ara rẹ̀ á pọ̀ débi pé tó bá gòkè tààrà, ó lè hó di èéfóòfó nínú ẹ̀jẹ̀ àti oríkèé.

Nísinsìnyí, okùn tàbí sílíńdà afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gbá òrùka náà, ó sì yẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi tó yẹ̀ sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Tó bá yẹ̀ síwájú, síbi tí ọwọ́ aago ń lọ, àmì onígun mẹ́ta á kúrò lórí 8 bọ́ sórí 9. Nígbà tó bá di agogo mọ́kànlá, tó yẹ kó máa gòkè, 15 ni òrùka á sọ. Òmùwẹ̀ á rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ṣẹ́kù, kò sì ní kúrò títí di 11:05. Ẹ wo ohun tí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ń ná an. Ẹni tó ń mí lítà 20 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀ á máa lo 80 ní mítà 30, nítorí ìfúnpá ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Sílíńdà lítà 12 tó kún gba nǹkan bíi lítà 2,400, nítorí wọ́n ti fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, lítà 800 ló kù. Lẹ́yìn 25, ó ku 400. Gígòkè ní mítà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú kan á jẹ tó 165. Nítorí ó ti kọjá àkókò, PADI ní kó dúró ní mítà márùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìyẹn á sì jẹ 240. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 405. Afẹ́fẹ́ á tán kó tó dójú omi.

Tó bá yẹ̀ sẹ́yìn ńkọ́? Àmì á bọ́ sórí 7, òrùka á sì sọ 20 nígbà tó kù ìṣẹ́jú márùn-ún kó di agogo mọ́kànlá. Òmùwẹ̀ á gòkè kó tó tó àkókò. Á bínú pé òun kò rí ohun tí òun wá wò tẹ́rùn, àmọ́ á fi ìbínú náà mí.

Kò sẹ́ni tó lè dá okùn dúró kó má gbá òrùka. Ohun tí àwọn aláago ṣe ni pé wọ́n yan ibi tí àṣìṣe náà gbọ́dọ̀ wọ̀ sí: sẹ́yìn nìkan. Lábẹ́ òrùka, eyín kéékèèké wà yípo, 60 tàbí 120. Ìhà kan eyín kọ̀ọ̀kan dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìhà kejì dúró ṣánṣán. Ahọ́n sípíríǹgì pẹlẹbẹ kan ń tì wọ́n láti ìsàlẹ̀. Tí a bá yí òrùka sẹ́yìn, ahọ́n náà á gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á sì já bọ́ sínú àlàfo tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìró “ká”. Tí a bá yí i síwájú, ahọ́n á kọlu ògiri eyín, kò sì ní lọ, bí ẹja tó ti wọ ìgèrè.

Kì í ṣe ọ̀nà yìí ni gbogbo wọn gbà bẹ̀rẹ̀. Ní 1953, nígbà tí Jean-Jacques Fiechter ń darí ilé iṣẹ́ Blancpain ní Siwisaláǹdì, tí wọ́n ṣe aago Fifty Fathoms fún àwọn jagunjagun abẹ́ omi ilẹ̀ Faransé, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ òrùka mọ́lẹ̀ kó tó lè yí. Àwọn aago Rolex Submariner àtijọ́ sì ń yí síwá-sẹ́yìn fàlàlà. Kódà òfin àgbáyé fún aago òmùwẹ̀, ISO 6425, kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ yí síbì kan ṣoṣo. Ohun tó béèrè ni pé kó má lè ṣèèṣì yí.

Ibì kan wà tí ọgbọ́n yìí kò ti ṣiṣẹ́, mi ò sì gbọ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ tó. Yíyẹ̀ sẹ́yìn ń mú kí iye ìṣẹ́jú tí a kà pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ìyẹn dára nígbà tí ìṣẹ́jú bá jẹ́ ohun tí à ń sá fún. Tó bá jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ lò pé ńkọ́? Òmùwẹ̀ tó ń gòkè máa ń dúró ní mítà márùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tó bá tún òrùka tò láti fi ka ìdúró yẹn, tí nǹkan sì gbá a sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú kan, òrùka á ní mẹ́ta ti pé nígbà tó ṣì jẹ́ méjì. Bákan náà ni ìsinmi láàárín ìlọ kìíní àti èkejì: òrùka lè ní o ti sinmi ju bí o ṣe sinmi lọ. Ní tèmi, ó sàn kí èèyàn máa ka ìdúró kúkúrú lórí ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá, kó sì kọ àkókò ìsinmi sílẹ̀.

Òrùka náà kò sì lè ka ju wákàtí kan lọ. Tí ọwọ́ ìṣẹ́jú bá ti padà dé ọ̀dọ̀ àmì, ìkà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 65 á sì dà bíi márùn-ún.

Iyọ̀ àti yanrìn ló sábà máa ń bà á jẹ́. Wọ́n á kó sí abẹ́ òrùka, kò ní yí mọ́, tàbí kí ahọ́n sípíríǹgì jẹ, kó má dé ìsàlẹ̀ àlàfo eyín mọ́. Omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi ṣan aago lẹ́yìn òkun, kí ẹ sì máa yí òrùka sẹ́yìn bí omi ṣe ń dà sí i. Kí ẹ tó tún wọ̀ ọ́ lọ, ẹ tì í síwájú gidi. Kó mì díẹ̀ kò burú, pàápàá lára aago olówó pọ́ọ́kú. Tó bá fo eyín kan ṣoṣo péré, ẹ gbé e lọ fún aláago kó pààrọ̀ sípíríǹgì rẹ̀.