Ohun tó ń sọnù tí wọ́n bá fílátìn PDF tí ẹgbẹ́ ti kọ kọ́mẹ́ntì sí

Ká ní ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ní Ìsánlú fẹ́ kọ lẹ́tà sí lókà gọ́fúmẹ́ǹtì torí bohò, akọ̀wé wà nílé, akápò wà ní Kábà, alága ń gbé Lọ́kọ́jà, PDF náà wá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ òmíì lórí Wásáàpù. Akápò fi háíláìtì kun iye owó páìpù, ó lẹ kọ́mẹ́ntì mọ́ ọn pé "èyí ò bá ti ojú ìwé kejì mu o", alága ní tiẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ `APPROVED` sísàlẹ̀.

Kò sí ìkankan nínú wọn tó wọnú lẹ́tà yẹn gan-an. Nínú fáìlì, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ojú ìwé, ọ̀tọ̀ làwọn nǹkan tí wọ́n lẹ̀ lé e lórí, àfi bíi pé èèyàn gbé gíláàsì lé ìwé tó wá ń kọ̀wé sórí gíláàsì. Ìkọ̀ọ̀kan ló sì mú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti àkókò tó kọ ọ́ dání. Ìyẹn dáa nígbà tí wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, torí wọ́n lè sún un, wọ́n lè pa á rẹ́, wọ́n lè fèsì sí i. Àmọ́ tó bá dé ọ́fíìsì báyẹn, akọ̀wé ibẹ̀ náà lè ka gbogbo àríyànjiyàn inú ilé, ó sì lè yọ òǹtẹ̀ alága dànù.

Fílátìn ló ń yanjú ẹ̀: áàpù á ya àwòrán ohun tó hàn wọnú ojú ìwé fúnra ẹ̀, á wá kó àwọn nǹkan tí wọ́n lẹ̀ lé e lórí yẹn kúrò. Ohun tó HÀN nìkan o! Háíláìtì hàn, òǹtẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kọ́mẹ́ntì akápò, àmì kékeré lásán ló wà lójú ìwé, inú fèrèsé tó ń ṣí tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lọ̀rọ̀ wà, torí náà ọ̀rọ̀ yẹn á pòórá, àmì yẹn lè ṣẹ́kù kó má ṣí mọ́. Tí wọ́n bá sì ti séèfù ẹ̀ tán kò sí ọ̀nà àbọ̀, kí wọ́n yáa tọ́jú kọ́pì tó ní kọ́mẹ́ntì sọ́tọ̀ kó tó di pé wọ́n ṣe é.

Fún lẹ́tà bohò yìí, òǹtẹ̀ nìkan ló yẹ kó jáde. Nínú Acrobat Reader lórí Windows, kí wọ́n tẹ Print, kí wọ́n mú `Microsoft Print to PDF`, níbi `Comments & Forms` kí wọ́n yan `Document and Stamps`, háíláìtì àti kọ́mẹ́ntì ò ní bá a jáde. `Document and Markups` ní tiẹ̀, ó ń kó háíláìtì náà mọ́ òǹtẹ̀.

Kí wọ́n wá ṣí fáìlì tuntun náà kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ yẹn. Tí àpótí bá yọ yí i ká, kò tíì wọlé.

Ohun kan tó máa ń tan èèyàn jẹ ni kí wọ́n fi àpótí dúdú bo nọ́ńbà àkáǹtì kí wọ́n wá fílátìn ẹ̀, nọ́ńbà yẹn ṣì lè wà lábẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá fi máòsì fà á tó ṣe kọ́pì ẹ̀ sínú mẹ́sééjì á rí i kedere.