Kírọ́ọ̀pù: ìgbọ̀nwọ́ ta ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá yìí?

Ọkùnrin kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Sápọ́n, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Fótò ìgbéyàwó ni. Ìyá méje tò sí ìlà kan, gbogbo wọn wọ àdìrẹ kan náà tí wọ́n rà ní Ìtòkú, gèlè wọn sì fẹ̀ dáadáa. Màmá tirẹ̀ ni ẹnì kẹta láti apá òsì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ màmá mi nìkan jáde. Wọ́n fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, férémù la fẹ́ fi í sí." Ó ti kọ́kọ́ gé e fúnra rẹ̀ nílé, ó sì fi èyí tó gé hàn mí. Lóòótọ́, ojú màmá nìkan ló kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá ọ̀tún fótò, díẹ̀ lókè ìbàdí, màmá ní ìgbọ̀nwọ́ kan lé. Ọmọ rẹ̀ kò rí i.

Ohun tí à ń pè ní kírọ́ọ̀pù ni kí a fa etí fótò wọ inú, kí ohun tí a kò fẹ́ lè bọ́ síta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lè wọ àárín fótò lọ yọ nǹkan kan kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ mú bébà mẹ́rin tí etí wọn gún, kí ẹ fi wọ́n bo fótò láti òkè, láti ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún àti láti òsì: ohun tó kù láàárín ni fótò tuntun. Nítorí pé etí bébà gún, bí ẹ bá ti apá ọ̀tún bo ìgbọ̀nwọ́, gbogbo ohun tó wà lókè ìgbọ̀nwọ́ yẹn náà yóò bò mọ́lẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti màmá yìí wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọmọ rẹ̀ kò fi rí i. Ìyá tó dúró ní ọ̀tún màmá nínú fótò fi ọwọ́ sí ìbàdí, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì yọ síwájú apá màmá. Ká ní léèsì funfun ni ó wọ̀ ni, ojú ì bá tètè rí i. Aṣọ ẹbí ni kò jẹ́. Àdìrẹ kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì, nítorí náà ojú ń so aṣọ pọ̀ mọ́ aṣọ, ó sì dà bíi pé ara màmá ló wú síta ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo máa ń fi ìka tọ etí fótò yípo, láti igun kan títí tí n ó fi padà débẹ̀, tí n ó sì máa bi ara mi nípa ohun kọ̀ọ̀kan tí etí bá gé: ti ta ni èyí? Lórí àdìrẹ, ẹ wo ọnà aṣọ náà. Ibi tí ìlà rẹ̀ bá ti já lójijì, tí ó sì gba ọ̀nà mìíràn lọ, aṣọ ẹlòmíràn ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku ibi tí a ó ti gé e. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a fa etí ọ̀tún wọlé títí ìgbọ̀nwọ́ yóò fi pòórá. Mo fà á, ṣọ́ńṣó gèlè màmá sì bá a lọ, nítorí pé gèlè náà fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ. Gèlè tí ìyá kan jókòó kí wọ́n tó fi wé fún un, èmi kì í gé e. Mo dá etí ọ̀tún padà sí àyè rẹ̀, mo wá gbé etí ìsàlẹ̀ sókè dípò rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ sí ìbàdí, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló máa ń yọ síta jù. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ńṣe ni apá rẹ̀ ń padà sára ẹni tó ni ín. Bí ìsàlẹ̀ fótò bá ti kọjá ìgbọ̀nwọ́, àyè yóò ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

A kì í kàn gbé ìsàlẹ̀ síbi tó bá wuni, ṣá o. Oríkèé kì í ṣe ibi tí a ń gé. Fótò tó bá parí ní ìgbọ̀nwọ́, ní ọrùn-ọwọ́ tàbí ní orúnkún máa ń dà bíi pé wọ́n gé ẹni náà lápá tàbí lẹ́sẹ̀. Ibi tó dára ni àárín apá, láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, níbi tí ojú yóò ti gbà pé apá ṣì ń bá a lọ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo gbé e sí fún màmá.

Iye tó ná wa ni píkísẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì àwọ̀ kéékèèké tó kóra jọ di fótò. Kírọ́ọ̀pù kò fi kún wọn, yíyọ ló ń yọ. Ẹ̀dà tí ọmọ rẹ̀ mú wá, orí WhatsApp ló ti gbà á, 1600 ní ìbú àti 1200 ní gíga. Èyí tí mo gé níbẹ̀ kò ju 257 sí 360 lọ. Férémù 5 sí 7 íǹṣì ló fẹ́: ẹ pín 257 sí 5, yóò kù bíi 51 fún íǹṣì kan. Ojú màmá yóò ṣú, etí ojú rẹ̀ yóò rí gbágungbàgun. Mo ní kí ó pe ẹni tó ya fótò, kí ó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document dípò kí ó fi í ránṣẹ́ bíi fótò lásán, kí WhatsApp má baà fún un kéré. Èyí tó wọlé jẹ́ 4000 sí 3000. Mo gé ibi kan náà, ó sì fún mi ní 643 sí 900, ìyẹn bíi 128 fún íǹṣì kan. Ó sàn dáadáa. 300 là ń fẹ́ fún iṣẹ́ tó gbóná, ṣùgbọ́n férémù orí tábìlì gba 128. N kò gbà kí ó sọ ọ́ di 8 sí 10, nítorí 80 ni ì bá kù.

Ibi tí kírọ́ọ̀pù kò lè dé ni ìka ẹlòmíràn tó bà lé èjìká. Kò sí etí tó lè yọ ìyẹn láìyọ èjìká. Àwọn kan máa ń lo Healing inú áàpù Snapseed, tó ń mú ohun tó wà nítòsí bo ojú ibẹ̀. Lórí ògiri lásán tàbí ojú ọ̀run, ó ń ṣiṣẹ́. Lórí àdìrẹ, ọnà aṣọ máa ń dàrú, ọnà kan náà á fara hàn lẹ́ẹ̀mejì tòun tèkejì rẹ̀, ẹni tó bá mọ aṣọ yóò sì rí i. Èmi a máa sọ fún oníbàárà pé kí a fi ọlọ́wọ́ náà sílẹ̀ nínú fótò, kí ó di fótò ẹni méjì.

Mo fi Save copy pa èyí tí mo gé mọ́, kí odindi fótò má bàa sọnù. Nígbà tí ọkùnrin náà rí i, ó ní kí n bá òun tẹ àwọn ìyá méjèèje náà, 10 sí 8 íǹṣì. Ìyẹn kò nira, 375 ni ó bọ́ sí fún íǹṣì kan. Fótò náà fẹ̀ díẹ̀ ju bébà lọ, mo ní láti yọ 125 píkísẹ́lì ní ọ̀tún àti ní òsì. Mo tún fi ìka tọ etí méjèèjì kí n tó tẹ̀ ẹ́: ìgbọ̀nwọ́ ìyá tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún ṣì wà lódindi.