Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀nà inú ló máa ń yára ju síńpílẹ́ẹ̀sì lọ bí ìṣirò bá ti tóbi?

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yanjú líníà prógíráàmù: bí ìṣirò bá ti tóbi gan-an, tí òdo sì kún inú mátíríìsì rẹ̀, kí èèyàn pa síńpílẹ́ẹ̀sì tì, kó mú ọ̀nà inú, nítorí pé ọ̀nà inú ló ní ẹ̀rí pé kò ní pẹ́ kọjá àlà. Nígbà púpọ̀, ìmọ̀ràn náà máa ń bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n ń sọ kọ́ ló fà á, ẹni tó bá sì gba ìdí náà gbọ́ lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí dúró de ìṣirò tí síńpílẹ́ẹ̀sì ìbá ti parí.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá. Nínú líníà prógíráàmù, à ń wá iye tó kéré jù lọ tàbí tó pọ̀ jù lọ fún àròpọ̀ kan, lábẹ́ àwọn gbèdéke kan. Gbèdéke wọ̀nyí pa pọ̀, wọ́n sé agbègbè kan mọ́, agbègbè náà sì ní igun púpọ̀. Síńpílẹ́ẹ̀sì, tí George Dantzig gbé kalẹ̀ ní 1947, máa ń rìn láti igun kan sí igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí yóò fi dé èyí tó dára jù. Ọ̀nà inú kì í tọ etí rìn; inú agbègbè náà ló ń gbà, yóò máa jìnnà sí gbogbo ààlà títí yóò fi sún mọ́ ìdáhùn. Ní 1972, Victor Klee àti George Minty ṣe ìṣirò kan tó ní n àìmọ̀, tí síńpílẹ́ẹ̀sì Dantzig gbọ́dọ̀ gbé ìgbésẹ̀ 2^n − 1 kó tó parí rẹ̀. Bí àìmọ̀ bá jẹ́ 3, ìgbésẹ̀ 7 ni. Bó bá jẹ́ 50, ó ju 1,000,000,000,000,000 lọ. Nígbà tó di 1984, Narendra Karmarkar ní Bell Labs fi ọ̀nà inú kan hàn tí iye iṣẹ́ rẹ̀ kò lè fò sókè bẹ́ẹ̀ láéláé. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé ẹjọ́ ti parí.

Ẹjọ́ náà kò tíì parí. Ṣe ni Klee àti Minty mọ̀ọ́mọ̀ to ìṣirò tiwọn kó lè da síńpílẹ́ẹ̀sì láàmú. Lórí ìṣirò tó ti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ wá, iye ìgbésẹ̀ síńpílẹ́ẹ̀sì sábà máa ń wà ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta iye ìlà mátíríìsì. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, Leonid Khachiyan ti fi ẹ̀rí hàn ní 1979, kí Karmarkar tó dé, pé ọ̀nà ẹlipusọ́ìdì, tó ń fi ohun tó rí bí ẹyin tó ń kéré sí i ká ìdáhùn mọ́, náà kì í fò sókè, síbẹ̀ ọ̀nà yẹn lọ́ra débi pé síńpílẹ́ẹ̀sì ń fi í sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá lórí iṣẹ́ gidi. Lójú tèmi, ìtàn ẹlipusọ́ìdì yìí nìkan tó láti fi mọ̀ pé ẹ̀rí orí ìwé kò sọ iye wákàtí tí kọ̀ǹpútà yóò lò.

Ohun tó ń pinnu ni iye tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń náni. Ìgbésẹ̀ ọ̀nà inú kì í pọ̀. Láàárín 20 sí 100 ni ó sábà máa ń wà, bí ìṣirò tilẹ̀ ní àìmọ̀ mílíọ̀nù kan. Síńpílẹ́ẹ̀sì lè gbé ọ̀kẹ́ àìmọye ìgbésẹ̀, ṣùgbọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ni ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ìgbésẹ̀ ọ̀nà inú wúwo: ní gbogbo ìgbésẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yanjú ìdọ́gba ńlá kan tí mátíríìsì rẹ̀ jẹ́ ADAᵀ. A ni mátíríìsì gbèdéke, tí ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ gbèdéke kan, tí òpó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àìmọ̀ kan; Aᵀ ni A tí a sọ ìlà rẹ̀ di òpó, D sì ni nọ́ńbà orí ìlà ìdábùú tó ń yí padà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ọ̀nà Cholesky ni wọ́n sábà fi ń pín ADAᵀ sí mátíríìsì onígun mẹ́ta, kó lè rọrùn láti yanjú.

Ibí gan-an ni òdo ti lè sá lọ. Pé òdo kún inú A kò túmọ̀ sí pé yóò kún inú ADAᵀ, bó bá sì kún inú ADAᵀ, ó ṣì lè má kún inú ohun tí Cholesky yóò bí. Ẹ wo mátíríìsì kékeré yìí, níbi tí x ti jẹ́ nọ́ńbà, tí àmì `.` sì jẹ́ òdo:

```
x x x x
x x . .
x . x .
x . . x
```

Ìlà 1 so mọ́ 2, 3 àti 4, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta yìí kò so mọ́ ara wọn. Bí a bá kọ́kọ́ mú ìlà 1 kúrò, 2, 3 àti 4 yóò di ohun tó so mọ́ra wọn pátá, gbogbo òdo yóò sì pòórá. Bí a bá fi ìlà 1 sí ìkẹyìn, òdo kankan kò ní sọnù. Ìdí nìyí tí sọ́fúwíà fi máa ń kọ́kọ́ wá ètò tó dára fún àwọn ìlà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló nílò láti ṣe é, nítorí pé D ń yí nọ́ńbà padà ni, kì í yí ipò òdo padà. Bí ìṣirò bá jẹ́ ètò ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò kan ju èyí tó tẹ̀ lé e, ètò tó dára wà. Bí gbèdéke bá so mọ́ra wọn yánnayànna láìní ìlànà, kò sí ètò tó lè gbà á sílẹ̀. Cholesky yóò kún fọ́fọ́ bí òdo tilẹ̀ pọ̀ nínú A.

Èyí tó burú jù ni òpó kan ṣoṣo tó kún. Ká ní A ní ìlà 100,000 àti òpó 300,000, tí òpó kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà mẹ́ta péré tí kì í ṣe òdo. Nọ́ńbà 900,000 nìyẹn. Nínú ADAᵀ, òpó kọ̀ọ̀kan so ìlà mẹ́ta pọ̀ ní méjìméjì, nítorí náà ibi mẹ́ta ló fi kún apá kan ìlà ìdábùú. Bí a bá fi ti ìlà ìdábùú fúnra rẹ̀ kún un, ohun tí a ó tọ́jú kò lè ju 1,000,000 lọ. Ìyẹn kò tó nǹkan.

Wàyí o, ẹnì kan fi àìmọ̀ kan péré kún un, irú èyí tó dúró fún àròpọ̀ gbogbo ìnáwó, tó sì fara hàn nínú gbogbo gbèdéke. Nọ́ńbà inú A kúrò ní 900,000, ó di 1,000,000. Ẹni tó ń wo A nìkan kò ní fura. Ṣùgbọ́n òpó yẹn ti so gbogbo ìlà mọ́ gbogbo ìlà, kò sì sí òdo kan nínú ADAᵀ mọ́. Apá kan rẹ̀ nìkan di bíi nọ́ńbà 5,000,000,000. Bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 8, gígábáìtì 40 ti lọ. Pípín in pẹ̀lú Cholesky gba nǹkan bíi ìdá mẹ́ta 100,000³ ìṣirò, ìyẹn 3.3 × 10¹⁴. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe 10¹¹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo bíi ìṣẹ́jú 55 lórí ìgbésẹ̀ kan. Ìgbésẹ̀ 40 yóò gba wákàtí 36 ó lé. Síńpílẹ́ẹ̀sì ní tirẹ̀ kì í dá ADAᵀ sílẹ̀ rárá. Òpó kan tó kún kò ju òpó kan lọ lójú rẹ̀.

Àwọn sọ́fúwíà tó dáńgájíá mọ àrùn yìí. Wọ́n máa ń yọ òpó tó kún sọ́tọ̀, wọ́n á pín ìyókù, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ìlànà Sherman àti Morrison dá ipa òpó náà padà sínú ìdáhùn. Ewu rẹ̀ ni pé ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n yọ òpó yẹn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé yanjú mọ́, kí àṣìṣe nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìṣirò náà lè ràn án lọ́wọ́: kó gé àìmọ̀ yẹn sí àìmọ̀ púpọ̀ tó dọ́gba síra wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kan ìwọ̀nba ìlà díẹ̀. Ìlà á pọ̀ sí i, àmọ́ òdo á padà dé.

Kò yẹ kéèyàn máa méfò lórí èyí. Nínú Gurobi, fún àpẹẹrẹ, kí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, sọ́fúwíà náà á ti tẹ `AA' NZ`, ìyẹn iye nọ́ńbà tí kì í ṣe òdo nínú ADAᵀ, `Factor NZ`, ìyẹn iye wọn nínú ohun tí Cholesky bí, àti `Factor Ops`, ìyẹn iye ìṣirò tí pípín náà yóò gbà, jáde, bó bá sì rí òpó tó kún, yóò fi `Dense cols` kún un. Mo máa ń wo `Factor NZ` ṣáájú ohun gbogbo. Bó bá fi ìgbà díẹ̀ ju `AA' NZ` lọ, tí `AA' NZ` fúnra rẹ̀ kò sì tóbi jù, ọ̀nà inú sábà máa ń sáré. Bó bá fi ọgọ́rùn-ún ìgbà jù ú lọ, mo máa ń dá a dúró, mo sì máa ń gbìyànjú síńpílẹ́ẹ̀sì.

Ohun kejì tí ìgbàgbọ́ yìí ń bò mọ́lẹ̀ ni irú ìdáhùn tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Ká ní à ń wá iye tó kéré jù fún x + y, tí x + y kò gbọ́dọ̀ dín ní 1, tí x àti y kò sì gbọ́dọ̀ dín ní òdo. Gbogbo ibi tó wà láàárín (1, 0) àti (0, 1) ló dára bákan náà. Síńpílẹ́ẹ̀sì á dúró sí ọ̀kan nínú igun méjèèjì. Ọ̀nà inú á dúró sí bíi (0.5, 0.5). Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, àmọ́ kì í ṣe igun, bẹ́ẹ̀ igun ni a nílò bí a bá fẹ́ tún ìṣirò náà ṣe lọ́la pẹ̀lú àyípadà díẹ̀, tàbí bí àwọn àìmọ̀ kan bá gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi nọ́ńbà. Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀nà inú, sọ́fúwíà máa ń ṣe iṣẹ́ kejì láti ti ìdáhùn náà lọ sí igun. Iṣẹ́ kejì yìí lè pẹ́ ju ọ̀nà inú fúnra rẹ̀ lọ, pàápàá níbi tí ìdáhùn tó dọ́gba bá ti pọ̀. Mo ti rí àwọn tó ń ka àkókò ìgbésẹ̀ ọ̀nà inú nìkan, tí wọ́n á sì ní ó borí, láìka apá yìí. Bí ẹ kò bá nílò igun, ẹ fi `Crossover=0` pa iṣẹ́ kejì yìí; `Method=2` ni ọ̀nà inú:

```
gurobi_cl Method=2 Crossover=0 model.mps
```

Bí ẹ bá nílò rẹ̀, ẹ ka àkókò rẹ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó fi wé ti síńpílẹ́ẹ̀sì, tí `Method=1` ń lo ẹ̀yà rẹ̀ onídùúwàlì, èyí tó máa ń ti ẹ̀gbẹ́ kejì ìṣirò náà wò ó.

Bí ìṣirò náà bá sì jẹ́ èyí tí a ó tún máa ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ààlà àìmọ̀ kan péré ló yí padà, ọ̀rọ̀ á yí pátápátá. Síńpílẹ́ẹ̀sì onídùúwàlì á bẹ̀rẹ̀ láti igun tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì lè parí lẹ́yìn ìgbésẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà inú kò lè jàǹfààní ibi tó dé tẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ìdáhùn àná ti sún mọ́ ààlà jù, ìgbésẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ gbéra yóò sì kúrú. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń mú un padà sí àárín, kó sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà tó ń wá odidi nọ́ńbà ló ń lo méjèèjì tẹ̀léra: wọ́n lè fi ọ̀nà inú yanjú ìṣirò àkọ́kọ́, wọ́n á tì í dé igun, lẹ́yìn ìyẹn síńpílẹ́ẹ̀sì onídùúwàlì ni yóò máa yanjú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣirò tó bá jáde láti inú rẹ̀.