Kí Ẹ Tó Sanwó: Ta Ló Ni Ojúlé Tẹ́ Ẹ Wà Yẹn?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń ta ẹja tútù lọ́jà Jagun n'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí gbé fóònù ẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ ra fírísà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó, lógò wọn wà ńbẹ̀, fọ́tò fírísà kún ibẹ̀ bámú, wọ́n tiẹ̀ ti fi nọ́ńbà akáǹtì ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù. Ó ní, "Wẹ́bsáìtì wọn rèé." Mo ní, "Màámi, ẹ dúró ná, ẹ má tíì sanwó."

Mo wo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lókè, ohun tí mo rí nìyí (mo ti yọ orúkọ wọn o):

```
facebook.com/orukoileese
```

Ẹ wo àmì / yẹn dáadáa. Ohun tó ṣáájú ẹ̀ ló ń sọ ẹni tó nilé, ohun tó tẹ̀ lé e, yàrá lásán ni. Fesibúùkù ló nilé níbí, ẹnikẹ́ni ló sì lè gba yàrá ńbẹ̀ kó kọ orúkọ tó wù ú sára ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ orukoileese.blogspot.com náà, Blogspot ló nilé, torí òun ló fara ti .com. Ti ilé-iṣẹ́ fúnra ẹ̀ á rí báyìí:

```
orukoileese.com.ng/contact
```

Àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó o, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra .com.ng, kò dà bíi .gov.ng tó jẹ́ ti ìjọba nìkan. Ibi tí mo gbọ́kàn lé jù ni línkì. Péèjì Fesibúùkù lè júwe wẹ́bsáìtì ẹlòmíì bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ẹni tó ni wẹ́bsáìtì nìkan ló lè fi línkì péèjì ẹ̀ síbẹ̀, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti wẹ́bsáìtì lọ sí péèjì.

Màámi ní fírísà àtijọ́ tilé-iṣẹ́ yẹn, àdírẹ́ẹ̀sì wẹ́bsáìtì wọn wà lára káàdì wáràńtì ẹ̀. A tẹ̀ ẹ́, a lọ sísàlẹ̀ pátápátá, a tẹ àmì Fesibúùkù, péèjì mìíì ló gbé wa lọ! A padà sí ti àkọ́kọ́, a wo Page transparency lábẹ́ About, ibẹ̀ la ti rí i pé irun ni péèjì yẹn ń tà tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa orúkọ ẹ̀ dà ni. Akáǹtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ gan-an, orúkọ èèyàn ló jáde.

Kì í ṣe gbogbo péèjì tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ló jẹ́ ti olè ṣá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ràn ọjà yẹn ló ṣí i, ẹ lè ka ohun táwọn oníbàárà ń sọ ńbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni ilé-iṣẹ́ yẹn ńbẹ̀ tó lè tajà fún yín tàbí gbọ́ ẹjọ́ yín.

A pe nọ́ńbà tó wà lórí wẹ́bsáìtì. Wọ́n ní àwọn ò ta fírísà yẹn níye yẹn rí.