Fíúsì Kò Já, Kí Ló Wá Jó Wáyà?

Ìbéèrè: Kẹ́tù iná àti áyọ́ọ̀nù ni mo so mọ́ ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ihò mẹ́rin ló ní, méjì péré ni mo lò. Kò pẹ́ tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi gba gbogbo ibẹ̀, mo bá sáré pa á. Fíúsì kò já, bréékà kò bọ́ sílẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ fi iye ihò sílẹ̀, ara wáyà ni kí ẹ wò. Ihò mẹ́rin kò sọ fún yín bí iná tí wáyà lè gbé ṣe pọ̀ tó. Ká ní kẹ́tù yín jẹ́ 2,000 wáàtì, kí áyọ́ọ̀nù jẹ́ 1,200, àpapọ̀ wọn á jẹ́ 3,200. Ẹ fi 230, ìyẹn iye fóòtì, pín in, ẹ ó rí nǹkan bí 14 ámpíà. Wáyà kan ṣoṣo tó wá láti ara ògiri ló ń gbé gbogbo rẹ̀.

Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà sára wáyà, láti fi sọ bí bàbà inú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Bó bá jẹ́ `0.75 mm²`, nǹkan bí 6 ámpíà ni agbára rẹ̀ mọ. `1.5 mm²` ló lè gbé tó 15. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí iná inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru tó ń mú jáde á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ wá wo 14 lórí wáyà tó yẹ kó gbé 6: ooru náà á lé ní ìlọ́po márùn-ún ohun tó yẹ. Èyí tó bá sì ká jọ, tàbí tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kò ríbi tu ooru sí, rọ́bà rẹ̀ á yára yọ́. Bí rọ́bà bá yọ́ tán, wáyà méjèèjì inú rẹ̀ á kan ara wọn, ibẹ̀ ni iná ti máa ń ṣẹ́ yọ.

Ní ti fíúsì, 13 ámpíà ló wà nínú ọ̀pọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. 14 kò lè já a, ó lè gbé e fún wákàtí púpọ̀. Bréékà tó ń ṣọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri sì máa ń jẹ́ 20 tàbí 32, kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Iye iná ni àwọn méjèèjì ń wò. Wọn kò mọ bí wáyà tí ẹ rà ṣe tín-ín-rín tó. Bí wáyà yín bá jẹ́ `0.75 mm²`, fíúsì 5 ámpíà ló yẹ ẹ́. Bí ẹ bá so kẹ́tù àti áyọ́ọ̀nù pọ̀ mọ́ ọn, fíúsì ni yóò já, wáyà ò ní jó.

Mo fẹ́ kí ẹ gé orí ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n tó jó yẹn, nítorí nọ́ńbà ara wáyà olówó pọ́ọ́kú lè jẹ́ irọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri ná. Ẹ bó rọ́bà, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha irun wáyà kan. Bàbà gidi á pupa dé inú. Bó bá funfun lábẹ́, alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ní bàbà ni. Agbára rẹ̀ kéré sí ti bàbà, bí ẹ bá sì ń ká a síwá sẹ́yìn, kì í pẹ́ dá. Òmíràn wà tí rọ́bà rẹ̀ nípọn, tí irun inú rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ. Ọwọ́ á rò pé wáyà ńlá ni.

Ìbéèrè: Tèmi, áyọ́ọ̀nù nìkan ló máa ń wà lórí rẹ̀. Wáyà ò gbóná, ṣùgbọ́n ihò kan ti dúdú, ó sì máa ń dún ṣẹ́ẹ̀ṣẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn: Irin pẹlẹbẹ tó ń di ẹsẹ̀ pọ́lọ́ọ̀gì mú nínú ihò yẹn ti dẹ̀. Kò dì í mú dáadáa mọ́, ojú kékeré ni iná ń gbà kọjá. Áyọ́ọ̀nù 1,200 wáàtì ń fa nǹkan bí 5 ámpíà. Bí ìdènà ibi tí wọ́n ti kan ara wọn bá tó ómù kan péré, 25 wáàtì ooru á máa jáde níbi tí kò ju èékánná ìka lọ. Bí irin tí wọ́n fi ń jó òjé ṣe máa ń gbóná nìyẹn. Kò sí fíúsì tó lè mú èyí, nítorí iná tó ń kọjá kò pọ̀ sí i rárá.

Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì náà kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti dúdú tàbí tó ní ihò wẹ́wẹ́, ẹ pààrọ̀ òun àti ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n pọ̀. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ pọ́lọ́ọ̀gì tó ti jó yẹn sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, yóò ba òun náà jẹ́. Mo ti rí ẹni tó ń fi igi kékeré há ihò kí pọ́lọ́ọ̀gì lè dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, igi yẹn gan-an ni iná yóò kọ́kọ́ mú.