Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí Ẹni Tó Ní Arọmọléegun Ṣe Lè Yan Iṣẹ́ Tí Yóò Bá A Kalẹ́

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní arọmọléegun, ìyẹn àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS, ló máa ń fi ọjọ́ tí ara wọn dá ṣáká yan iṣẹ́. Wọ́n á ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé títí di alẹ́, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i pé mo lè ṣe é?" Òótọ́ ni, wọ́n ṣe é. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n fi sùn gbalaja ni wọn kì í kà mọ́ ọn. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín nípa iṣẹ́ kan ni pé, bí mo bá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún láìròtẹ́lẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ náà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí àárẹ̀ náà ti ń wá. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AA máa ń pẹ́ tó nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó bàjẹ́. Ti ẹni SS kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ara ń ṣe tuntun, tuntun ń bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í kún bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò Pí-Sí-Fí, tó ń fi bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ hàn, fún ẹni AA, ó máa ń ju 36 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ti ọ̀pọ̀ ẹni SS máa ń wà láàárín 20 sí 28 kódà nígbà tí kò sí ohunkóhun tó ń ṣe wọ́n. Ọkàn wọn ń sáré kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìdí nìyí tí oorun òru kan kì í fi í tán àárẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀lẹ rárá.

Ẹ béèrè nọ́ńbà Pí-Sí-Fí tiyín lọ́wọ́ dókítà nígbà tí ara yín dá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àárẹ̀ bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí nọ́ńbà náà sì ti já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn, ẹ má fi ètò iṣẹ́ wò ó sàn. Bákan náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ aidirọ́síyúríà, oògùn tí wọ́n ń lò fún arọmọléegun, kò gbọdọ̀ tíì fi ara tó ní báyìí ṣe ètò ọdún mẹ́wàá, nítorí oògùn náà máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ipa rẹ̀ tó hàn dáadáa.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ máa kọ iye wákàtí tí ẹ fi ṣiṣẹ́, èyí tí ẹ fi kàwé àti èyí tí ẹ lò nínú ọkọ̀. Ẹ kọ iṣẹ́ ilé tó le, bí aṣọ fífọ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé, nítorí pé aṣọ tí a fọ̀ ní Sátidé sábà máa ń gba owó rẹ̀ padà lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má ṣe tún ara yín ṣe nítorí ìwé náà. Bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀. Ká sọ pé Àbẹ̀ní jẹ́ ọmọ ọdún 24, ó kàwé ìṣirò owó ní Póólì, Ìkòròdú ló ń gbé. Wákàtí tó kọ sínú ìwé rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ni 28, 30, 34, 12, 0 àti 26. Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé 34. Ó lo ara rẹ̀ kọjá ibi tó lè dé, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ya wálẹ̀, èyí tó tẹ̀lé ìyẹn bá a lórí ibùsùn pẹ̀lú ìrora egungun fún ọjọ́ márùn-ún. Ìgbà kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́, àmọ́ bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ibẹ̀ ni ògiri yín wà.

Èwo nínú nọ́ńbà mẹ́fà yìí ni kí Àbẹ̀ní fi wá iṣẹ́? Ọ̀pọ̀ á mú 34. Àwọn tó ń ṣọ́ra á pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́fà, wọ́n á rí nǹkan bí 22. Ohun tí a máa ń dámọ̀ràn ni kó to wọ́n láti kékeré sí ńlá, kó sì mú iye tí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú mẹ́fà dé. Fún Àbẹ̀ní, 26 ni. Kó wá yọ ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ibà, fún òkú ìdílé, fún ọjọ́ tí iná kò sí tí ooru ò jẹ́ kó sùn. Ó ku nǹkan bí 21. Wákàtí 21 yìí ló lè fi ṣèlérí fún ẹlòmíràn. Ìyókù, tó bá wà, tirẹ̀ ni.

Ilé iṣẹ́ àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó kan ní Erékùṣù Èkó wá fẹ́ gbà á. Wákàtí 40 ni iṣẹ́ lọ́sẹ̀, àlọ àti àbọ̀ láti Ìkòròdú sì jẹ́ wákàtí márùn-ún lóòjọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ní lọ. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ yìí kò sì mọ sórí wákàtí nìkan. Kíndìnrín ẹni SS kì í lè fún omi mọ́ra dáadáa, nítorí náà ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa mu omi púpọ̀ láti dí i. Ẹni tó mọ̀ pé òun yóò jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí méjì ààbọ̀ láìsí ibi tí òun ti lè tọ̀ kò ní mu omi láàárọ̀. Omi tí kò mu ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ki, kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ bí dòjé há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró, kí ìrora sì dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń dá wọn dùbúlẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà ọ́fíìsì ni. Bí iṣẹ́ kan bá wù yín, ẹ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní agogo tí ẹ óò máa lọ, kí ẹ sì wo ibi tí ilé ìtọ̀ wà àti bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń fẹ́ sára ẹni tó jókòó.

Ohun kejì tó mú kí irú iṣẹ́ yẹn ṣòro fún Àbẹ̀ní ni ìgbà tó ń pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ nílẹ̀ wa ló ń parí ọdún ìṣirò wọn ní oṣù Kejìlá, èyí ló fi jẹ́ pé láti oṣù Kìíní lọ ni àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó kì í sùn. Ìgbà náà gan-an ni ọyẹ́ ń fẹ́, òtútù àárọ̀ àti gbígbẹ afẹ́fẹ́ sì wà lára ohun tó ń fa ìrora náà. Bí ẹ bá ń yan ẹ̀ka iṣẹ́ èyíkéyìí, ẹ gbé oṣù tí iṣẹ́ náà ń le jù sí ẹ̀gbẹ́ oṣù tí ara yín ń ṣòro jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè sọ èyí fún yín, nítorí náà ẹ máa fi àmì kan sí gbogbo ọjọ́ tí ẹ dùbúlẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Ìṣirò owó oṣù òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Ó máa ń le lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ènìyàn sì mọ ọjọ́ rẹ̀. Owó orí tí wọ́n yọ lára owó oṣù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀lé e tó kọjá. Níwọ̀n bí ìrora Àbẹ̀ní ti máa ń gba ọjọ́ márùn-ún, kò gbọdọ̀ sí oṣù kan tí ọjọ́ 10 yóò jẹ́ gbèdéke tirẹ̀. Ọjọ́ 4 ni gbèdéke rẹ̀: ọjọ́ márùn-ún fún àìsàn, ọjọ́ kan fún báǹkì. Kó sì kọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà sí ojú ewé kan ṣoṣo, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi parí rẹ̀ láìpè é ní ilé ìwòsàn.

Ká ní ó rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní iléèwé aládàáni kan ní Ìkòròdú, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí márùn-ún lóòjọ́, ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀nà. Wákàtí 15 fún iṣẹ́, 2 fún ọ̀nà, ó ku 4 fún ìwé kíkà. Owó rẹ̀ yóò kéré sí ti Erékùṣù, kò sí àní-àní, bí a tilẹ̀ yọ owó ọkọ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n yóò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún kẹta, ìmọ̀ tó sì ń kó jọ jẹ́ èyí tó lè máa fi kọ̀ǹpútà ṣe nínú ilé fún ilé iṣẹ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Wákàtí mẹ́rin ìwé kíkà yẹn jẹ́ ti ìdánwò àwọn akáǹtáǹtì, tó máa ń wáyé ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kọkànlá. Bó bá jẹ́ ọyẹ́ ló ń dà á láàmú jù, ti oṣù Kọkànlá ló bá a mu, nítorí pé ìwé rẹ̀ yóò ti parí kí ọyẹ́ tó gbilẹ̀. Àṣìṣe tí a ń rí jù níbí ni pé wọ́n á fi ìwé kíkà sí òru, bí ẹni pé òru kì í gba agbára.

Ẹ wá wo lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ nílẹ̀ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún tí yóò fi gba owó nígbà àìsàn, bí dókítà bá fi ìwé ẹ̀rí tì í. Àwọn ọ̀gá àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà nínú lẹ́tà wọn ni tiwọn. Bí Àbẹ̀ní bá ń pàdánù ọjọ́ márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, yóò tó bí 40 lọ́dún. Ọjọ́ 12 kò ní bá a dé oṣù Karùn-ún. Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un níṣẹ́, kó tó fọwọ́ sí i, kó béèrè. Kò pọn dandan kó ka gbogbo ìtàn àìsàn rẹ̀ fún wọn. Kó kọ ọ́ báyìí: "Mo ní àìsàn kan tó lè dá mi dùbúlẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún láìròtẹ́lẹ̀. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n lè fi ọjọ́ mìíràn dí ọjọ́ tí n kò wá, kí n lè ṣiṣẹ́ nílé nígbà tí ara bá ń bọ̀ sípò, kí n sì jókòó níbi tí amúlétutù kò ti fẹ́ sí mi lára." Kí ìdáhùn wọn wà nínú ìwé. Ọ̀gá tó fi ẹnu gbà lè kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ti ọdún mẹ́wàá, ẹ rántí pé arọmọléegun lè ba orí egungun itan jẹ́ nígbà tí ènìyàn ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó sì lè ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ láìsí ìrora kankan. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ tó gba dídúró láti àárọ̀, bí olùkọ́ tàbí aránṣọ tó ń gé aṣọ, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ apá iṣẹ́ náà tó ṣeé fi ìjókòó ṣe kí itan tó dùn ún. Ìrora abẹ́ itan tó ń pọ̀ bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn kì í ṣe ohun tí à ń fi oògùn ìrora bò mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò egungun náà ní ilé ìwòsàn. Ojú náà, ẹ máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Lọ́dọọdún, ẹ tún kọ ìwé wákàtí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà. Bí oògùn bá ti ran Àbẹ̀ní lọ́wọ́ tí 26 rẹ̀ sì di 30, ìlérí rẹ̀ á kúrò ní 21, á di 24. Kó fi wákàtí mẹ́ta yẹn kún iṣẹ́, kó sì dúró fún oṣù mẹ́ta kó tó tún fi òmíràn kún un.