Fíláwà Tí Kò Wú: Ẹ Má Tètè Dá Yíìsì Lẹ́bi

Bí fíláwà tí a pò fún búrẹ́dì bá jókòó sínú abọ́ fún wákàtí kan tí kò mira, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń dá: "Yíìsì yẹn ti kú." Àwọn kan á da gbogbo rẹ̀ nù. Àwọn mìíràn á fi yíìsì ìlọ́po méjì pò ó lọ́jọ́ mìíràn, búrẹ́dì á sì máa rùn bí ọtí. Òótọ́ ni pé yíìsì máa ń kú, pàápàá èyí tó ti pẹ́ nínú páálí tí a ti ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ abọ́ tí fíláwà ti kọ̀ tí kò wú, ààyè ni yíìsì wà. Ó lè jẹ́ òtútù ló ń mú un, ó sì lè jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ kárakára, àmọ́ iṣẹ́ náà ń jò dànù.

Taya kẹ̀kẹ́ ló jọ jù. Taya tí kò le lè jẹ́ ẹ̀bi páǹpù tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀bi tíúbù tó lu. Kò sí ẹni tó ń lẹ taya tó máa rí tíúbù tó ń jò kó wá lọ ra páǹpù tuntun. Yíìsì ni páǹpù. Fíláwà tí a pò ni tíúbù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí búrẹ́dì òun kò fi wú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èwo nínú méjèèjì ló ní àrùn.

Nípa tíúbù yìí, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń yan búrẹ́dì fún ọdún gbọọrọ kò mọ̀: yíìsì kì í dá ihò kankan sínú búrẹ́dì. Ṣúgà ló ń jẹ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti wà nínú fíláwà tẹ́lẹ̀, èyí tó kù ń jáde bí sítáàṣì inú fíláwà ṣe ń yọ́ di ṣúgà díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Bó ti ń jẹ ẹ́, ó ń tú gáàsì jáde, gáàsì náà sì ń yọ́ sínú omi tí a fi po fíláwà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a kò tíì ṣí. Tí omi náà bá gbà á títí tí kò lè gbà mọ́, gáàsì á máa wá ibi tó máa sá sí. Kò lágbára láti lu ihò tuntun láàárín ohun tó ki tó bẹ́ẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tó lè wọ̀ ni àwọn ihò afẹ́fẹ́ wínníwínní tó ti wà nílẹ̀. Ọwọ́ tó ń po fíláwà ló fi wọ́n síbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ká fíláwà lé ara rẹ̀ tí a sì tẹ̀ ẹ́, a ń ti afẹ́fẹ́ díẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Yíìsì kàn ń fẹ́ ohun tí a ti fi pamọ́ fún un ni. Ìdí nìyí tí fíláwà tí a kàn rò pọ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀, tí a kò pò ó, fi máa ń ní ihò gbàgẹ̀rẹ̀ méjì mẹ́ta, tí ìyókù rẹ̀ á sì ki bí amọ̀.

Pípò yẹn kan náà ló ń ṣe ògiri ihò. Fíláwà àlìkámà ní púrótéènì tó jẹ́ pé bí omi bá kàn án, á máa so mọ́ ara wọn, á sì di gúlútìnì, ohun tó ń nà bíi rọ́bà. Bí a bá pò ó kúnná, a lè mú ègé kékeré kan, ká fi ìka fà á tinrín títí ìmọ́lẹ̀ á fi máa tàn kọjá lára rẹ̀ láìya. Tó bá ya kó tó tinrín, ògiri náà kò tíì tó. Gáàsì á máa wọ inú ihò, ihò á sì máa bẹ́ sí ara wọn títí gáàsì á fi gba òkè jáde.

Ọ̀bẹ ló máa ń sọ èwo ló ń ṣẹlẹ̀. Gé fíláwà tí kò wú náà sí méjì, kí o sì wo ojú ibi tí o gé. Bó bá dán, tó dì pọ̀, tí kò sí ihò kankan, tó sì ń rùn bíi fíláwà lásán, páǹpù ni kò ṣiṣẹ́: òtútù ni, tàbí kí yíìsì ti kú lóòótọ́. Bó bá ní ihò tó ti fà ya, tó rọ̀, tó ń tẹ́ sílẹ̀, tó sì ń ta òórùn ọtí díẹ̀, gáàsì wà níbẹ̀, tíúbù ló ń jò.

Ẹ jẹ́ ká mú abọ́ kan yẹ̀ wò. 500 gíráàmù fíláwà búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, 310 gíráàmù omi, 9 gíráàmù iyọ̀, àti 7 gíráàmù yíìsì oníyára, irú èyí tí a máa ń dà sínú fíláwà gbígbẹ tààrà. Ooru ilé ìdáná jẹ́ 20°C, fíláwà náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ẹ̀rọ jẹ́ 16°C. Lẹ́yìn tí a pò ó tán, tẹmómítà tí a kì bọ àárín rẹ̀ ka 19°C. Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé ní ká fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan kó lè wú di ìlọ́po méjì. Wákàtí kan pé, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà.

Kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́ níbí yìí. Yíìsì ń yára nínú ooru, ó sì ń falẹ̀ nínú òtútù. Tí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́jọ sí mẹ́wàá dín kù, iṣẹ́ rẹ̀ á dín kù sí ìdajì. Ohun tó ń gba wákàtí kan ní 27°C á gba bíi wákàtí méjì ní 19°C. Ìlànà tó bá sọ iye wákàtí láìsọ ìwọ̀n ooru, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ, ọ̀pọ̀ ìlànà tí wọ́n sì ń tẹ̀ jáde ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dára jù ni pé ká gé bí 50 gíráàmù lára fíláwà náà, ká tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ gíláàsì tó gùn tó sì ṣe déédéé láti ìsàlẹ̀ dókè, ká fi rọ́bà sàmì sí ibi tó dé, ká bo gíláàsì náà, ká sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ìgbà tí tinú gíláàsì bá ga dé ìlọ́po méjì àmì yẹn ni tinú abọ́ náà tó, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àádọ́ta, ì báà jẹ́ wákàtí mẹ́ta.

Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń fi búrẹ́dì ṣiṣẹ́ ṣe máa ń lò. Mú ìwọ̀n ooru tí o fẹ́ kí fíláwà pípò náà ní, ká ní 26, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 78. Yọ ooru fíláwà gbígbẹ kúrò, yọ ooru ilé ìdáná kúrò: 78 − 20 − 20 = 38. Omi 38°C ló yẹ ká lò dípò 16. Tí ilé ìdáná àti fíláwà bá jẹ́ 30, omi tútù 18°C ni ìṣirò kan náà máa fún wa. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń pò ó, omi náà gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ sí i, torí pé yíyí ẹ̀rọ ń mú ooru wá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí pé òtútù kò dára da omi tó ń jó ọwọ́ lé yíìsì lórí: láti nǹkan bí 55°C lọ sókè ló ti ń kú.

Ká wá sọ pé ní ọjọ́ mìíràn, abọ́ yẹn kan náà lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń pò ó, bí gbogbo fíláwà tútù ṣe máa ń lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ fíláwà kan sí i, ó tún bu òmíràn, bíi 80 gíráàmù lápapọ̀. Omi tó jẹ́ 62 sí ọgọ́rùn-ún fíláwà tẹ́lẹ̀ wá di 53. Ọwọ́ mọ́, àmọ́ fíláwà ti le. Gáàsì tí kò bá lè gbé ẹrù rẹ̀ sókè kò lè wúlò, bó ti wù kó pọ̀ tó. Àṣìṣe yìí ni mo rò pé ó ń ba búrẹ́dì ilé jẹ́ ju ohunkóhun lọ, ọmọnìkejì rẹ̀ sì ni fífi kọ́ọ̀bù wọn fíláwà dípò òṣùwọ̀n, torí pé kọ́ọ̀bù tí a kì mọ́lẹ̀ àti èyí tí a bù fẹ́lẹ́ lè fi 30 gíráàmù ju ara wọn lọ.

Lílẹ̀ yẹn kò nílò fíláwà, àkókò ló nílò. Bo abọ́ náà fún ogún ìṣẹ́jú. Omi á wọ inú fíláwà, gúlútìnì á bẹ̀rẹ̀ sí so fúnra rẹ̀, kí o tó fi ọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, rẹ ọwọ́ rẹ sínú omi, fa ẹ̀gbẹ́ kan sókè kí o ká a bo àárín, yí abọ́, tún ṣe é títí wàá fi yí i ká. Jẹ́ kó sinmi fún ìdajì wákàtí, kí o sì tún un ṣe. Ọ̀nà yìí kan náà la fi ń tọ́jú fíláwà tó ń jò. Èyí tó ti le nítorí ẹ̀kúnwọ́ méjì yẹn ṣeé gbà là pẹ̀lú omi ṣíbí ńlá mẹ́ta, bíi 45 gíráàmù, tí a ń fi kún un ní ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan. Á máa yọ̀ lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó gbà á mu.

Tó bá jẹ́ pé yíìsì la fura sí lóòótọ́, kì í ṣe inú fíláwà la ti ń dán an wò. Da ṣíbí kékeré méjì yíìsì sínú ìdajì ife omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú ṣíbí kékeré kan ṣúgà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó yẹ kí ìfófó bo ojú omi. Tí ojú omi bá ṣì tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó ti kú, kò sì sí ohun tó máa jí i. Fíláwà tí a ti fi òkú yíìsì pò kò di dídànù fún ìyẹn: fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣíbí ńlá méjì po yíìsì tuntun, tẹ́ fíláwà náà pẹrẹsẹ, fi ra á lójú, kí o ká a, kí o sì pò ó títí tí kò fi ní yọ̀ mọ́.

Iyọ̀ tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fara kan yíìsì nínú abọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Nínú fíláwà gbígbẹ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi wà pa pọ̀ kí omi tó dé, kò sì tó pa yíìsì. Iyọ̀ tí a bù ní ìlọ́po méjì ló yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù, torí pé yóò fa omi kúrò lára yíìsì, iṣẹ́ rẹ̀ á sì falẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ jù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì aládùn fi ń pẹ́ kó tó wú.

Ní ìparí, nígbà tí búrẹ́dì bá ti wà nínú páànù rẹ̀, ìka ló ṣeé gbọ́kàn lé ju aago lọ. Ti ìka sínú rẹ̀ díẹ̀. Tí ojú ibẹ̀ bá ta padà kíákíá, kò tíì tó. Tó bá padà díẹ̀díẹ̀ tó sì ku kòtò kékeré, gbé e sínú ààrò. Tí kòtò náà bá dúró gbọin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń rì, ó ti wú kọjá ààlà, àwọn ògiri rẹ̀ ti tinrín jù, bí ooru ààrò bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ gáàsì inú rẹ̀ ló máa wó. Kò tíì bọ́. Yọ ọ́ kúrò nínú páànù, tẹ gáàsì náà jáde, ká a lẹ́ẹ̀kan sí i, dá a padà, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò kí ìdajì wákàtí tó pé, torí pé yíìsì inú rẹ̀ ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.